Kí Ẹ̀rọ Tó La Ẹnu: Bí A Ṣe Ń Tún Àkọsílẹ̀ Kọ fún Etí

   

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ẹ̀rọ akàwé ni màá máa pè é. Èèyàn á kó àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ẹ̀rọ á sì fi ohùn bí ohùn èèyàn kà á jáde. Àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa ń lò ó. Àwọn oníròyìn ń lò ó láti sọ àpilẹ̀kọ di ohun gbígbọ́, kí ẹni tó ń wakọ̀ tàbí ẹni tó ń dáná lè gbọ́ ọ láìwo ìwé.

Ṣé ohùn ẹ̀rọ yìí ló wá jẹ́ ìṣòro? Rárá o. Ohùn ti dára ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Ibi mẹ́ta ni ẹ̀rọ ti sábà ń ṣubú: ìdí nọ́ńbà, ìdí ọ̀rọ̀ tí a gé kúrú, àti ìdí orúkọ tí kò wọ́pọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn. Bí a bá ṣe rán an gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Ohun tí a kọ ni yóò kà, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn wa. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rọ ka àpilẹ̀kọ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún un kọ fún etí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkéde kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo ṣe é fúnra mi fún ètò òní, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Bí mo ṣe kọ ọ́ fún ojú nìyí:

"Ìpàdé àwọn àgbẹ̀ yóò wáyé ní 3/4/2025, aago 9:30. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò gba ọjọ́ 3. Dr. Nguyen (Leicester) ni yóò sọ̀rọ̀ lórí oògùn apakòkòrò tí NAFDAC fọwọ́ sí. Àwọn 45 tó bá kọ́kọ́ dé yóò san ₦4,500. Bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112."

Bí mo ṣe kà á fún yín tán yìí, mo ti ṣe ìpinnu bíi mẹ́wàá láìmọ̀, nítorí pé èèyàn ni mí, mo sì gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀rọ kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nínú. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìpinnu náà.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí déètì. 3/4/2025, ọjọ́ wo nìyẹn? Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Àmọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fi oṣù ṣáájú ọjọ́, lójú tiwọn, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Bó bá ṣe pé ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, ó lè ka tiwọn. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́ ọ á dé gbọ̀ngán ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, kò sì ní í bá ẹnì kankan. Kí la máa ṣe? A ó kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́: ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin. Ká má fi fígọ̀ kankan sílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ti èdè Yorùbá gan-an ló tún le ju ìyẹn lọ. Nínú ìkéde wa, a kọ "ọjọ́ 3". Ṣé ọjọ́ mẹ́ta ni àbí ọjọ́ kẹta? Ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ iye: òní, ọ̀la, ọ̀tunla. Ọjọ́ kẹta jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, èyí tó tẹ̀lé ọjọ́ kejì. Fígọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń kọ méjèèjì, ẹnu nìkan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "oṣù 6". Ó lè jẹ́ oṣù kẹfà, tó jẹ́ Júùnù. Ó sì lè jẹ́ oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ ìdajì ọdún. Ẹ rò ó wò bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn ni wọ́n ní kí ẹ̀rọ kà. "Ẹ lo oògùn yìí fún oṣù mẹ́fà" àti "ẹ lò ó di oṣù kẹfà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nàkọnà.

Báwo wá ni àwa èèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́? Ọ̀rọ̀ tó yí i ká la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá gbọ́ "gba" tàbí "fún" ṣáájú, a mọ̀ pé iye ni. Bí a bá gbọ́ "di" tàbí "títí", ó sábà máa ń jẹ́ ipò. Ẹ̀rọ náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe é ló kọ ọ́ sínú rẹ̀ tàbí kí ó ti kọ́ ọ láti inú àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré bíi "ní" a máa tàn án jẹ. "Ó parí rẹ̀ ní ọjọ́ 3." Èèyàn pàápàá á béèrè pé èwo nínú méjèèjì. Èmi ò ní í fi irú ìpinnu yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láéláé. Mo tún un sọ: níbikíbi tí fígọ̀ bá ti tẹ̀lé ọjọ́, oṣù, ọdún, ilé tàbí kíláàsì, ẹ fi ọ̀rọ̀ rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ẹ̀rọ.

Aago 9:30 kò le. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni, ká sì fi òwúrọ̀ kún un. Bí a kò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn á sọ pé "aago mẹ́sàn-án, ọgbọ̀n", etí á sì dúró síbẹ̀ kó máa ro ohun tí ọgbọ̀n ń wá.

Owó ńkọ́? Àmì náírà wà níwájú fígọ̀ nínú ìwé, àmọ́ ẹ̀yìn ni ẹnu ń gbé e sí. Kọ́mà tó wà láàárín 4 àti 500 náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ojú tiwa mọ̀ pé kọ́mà ẹgbẹ̀rún ni. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ á dúró díẹ̀ níbẹ̀, á ka mẹ́rin, á sinmi, á wá ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Olùgbọ́ á wá gbà pé nǹkan méjì ni wọ́n ń tà. Ẹ kọ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà kan lè sọ pé ẹgbàajì ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló dùn jù, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀dọ́ bá wà lára àwọn tí a ń kà á fún, ẹgbàajì á mú kí wọ́n máa ṣírò nígbà tí ìkéde ti lọ síwájú. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Olùgbọ́ rédíò kò lè padà sẹ́yìn lọ wo ohun tó kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 45, torí pé ibẹ̀ ni òǹkà Yorùbá ti máa ń ṣe ẹ̀rọ ní kàyéfì. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ á ka ogójì, á fi márùn-ún kún un, ó parí. Ní Yorùbá ńkọ́? Láti oókan dé ẹ̀rin, a ń fi kún ogójì ni: mọ́kànlélógójì títí dé mẹ́rìnlélógójì. Bó bá ti di márùn-ún, a ó pa ojú dà, a ó lọ sí àádọ́ta tó wà níwájú, a ó sì yọ márùn-ún nínú rẹ̀: márùndínláàádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá ń túmọ̀ fígọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá òsì sí ọ̀tún á sọ ohun tí Yorùbá kankan kò sọ rí, bíi "ogójì àti márùn-ún". Ó gbọ́dọ̀ wo fígọ̀ tó kẹ́yìn kí ó tó mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wa kò sùn lórí èyí o. Ní ọdún 2014, Olúgbénga Akinadé àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè sọ fígọ̀ di òǹkà Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àròpọ̀ àti àyọkúrò inú rẹ̀. Ọgbọ́n náà wà. Ìṣòro tó kù ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ akàwé ló ní in nínú.

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni 112, èyí tí à ń pè lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbọ́n jù, á sọ pé "ẹ pe méjìléláàádọ́fà". Òǹkà náà tọ̀nà gan-an ni. Àmọ́ ta ni yóò tẹ ìyẹn sórí fóònù, nígbà tí iná ń jó? Nọ́ńbà tí a fẹ́ tẹ̀ ni, kì í ṣe iye. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń kà á: oókan, oókan, èjì. Ẹ fi kọ́mà sáàárín wọn kí ohùn lè sinmi, kí ẹ sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀rọ lè tún un kà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a gé kúrú. Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúàbí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún un, àbọ̀ ni yóò sọ jáde.

Àwọn kan wà tí a gbọ́dọ̀ dá padà sí odidi. "Dr." á di Dókítà, "km" á di kìlómítà, "a.b.b.l." á di àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tí a ń ka lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi EFCC. Àwọn mìíràn sì wà tí a ń pè bí ọ̀rọ̀, bíi NAFDAC àti JAMB. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí bí fáwẹ̀lì bá wà nínú rẹ̀, ó ṣeé pè nìyẹn?" Ó dáa, ẹ wo àwọn yunifásítì wa. OAU tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, fáwẹ̀lì ni lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ lẹ́tà la ń ka. LASU, tó wà l'Ékòó, a ń pè é bí ọ̀rọ̀ ni. Kò sí òfin kankan nínú lẹ́tà tó lè sọ èyí fúnni. Àṣà àwọn èèyàn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àkójọ tirẹ̀: orúkọ àjọ ní apá kan, bí a ṣe ń pè é ní apá kejì. Bí a bá ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wúlò fún gbogbo àpilẹ̀kọ tó ń bọ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó máa ń fara pa mọ́. Kò sí lẹ́tà c, q, v, x àti z nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà tàbí àmì tí kò bá sí nínú àwọn tí wọ́n fi kọ́ wọn, ńṣe ni wọ́n ń fò ó. Wọn kì í kígbe, wọn kì í dúró. Wọ́n á kàn kọjá ni. Fígọ̀ náà lè pòórá bẹ́ẹ̀. "Yóò san ₦4,500" á wá di "yóò san". Ẹni tí kò rí ìwé kò ní í mọ̀ pé owó wà níbẹ̀ rárá. Lójú tèmi, àṣìṣe yìí burú ju kí ẹ̀rọ ka nǹkan lódì lọ, nítorí pé èyí tó kà lódì, etí á kọ̀ ọ́, àmọ́ èyí tó fò, kò sí ohun tí etí máa kọ̀. Nítorí náà, EFCC gbọ́dọ̀ di Íì, Ẹ́fù, Síì, Síì. Ó tilẹ̀ dára ká kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí àjọ náà ń ṣe kí á tó dárúkọ rẹ̀, bí àwọn oníròyìn rédíò ti máa ń ṣe.

Ó ku orúkọ. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ẹni tí a bá sì ṣi orúkọ rẹ̀ pè kò ní í gbọ́ ohun tí a sọ tẹ̀lé e. Leicester, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ Lẹ́sítà ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Orúkọ Nguyen tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Vietnam, tí ẹ̀rọ bá fi ọgbọ́n orí Yorùbá kà á, ó lè sọ "ń-gú-yẹn". Ohun tó sún mọ́ ọn ni Wíẹ̀n. Mo ní ó sún mọ́ ọn o, nítorí ohùn àwọn ará Vietnam kò sí nínú tiwa ní kíkún. Orúkọ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó náà ní tirẹ̀: "ch" inú da Rocha, "ṣ" ni ẹnu ń pè é, kì í ṣe "k".

Ṣé orúkọ àjèjì nìkan ni? Ẹ má tan ara yín jẹ. Orúkọ tiwa gan-an ló ń fìyà jẹ ẹ̀rọ Yorùbá jù, nítorí a kì í fi àmì sí i. Ẹ wo "Ojo" tí kò ní àmì. Ṣé Òjó, orúkọ ọmọ, ni? Ṣé òjò tó ń rọ̀ ni? Ṣé ọjọ́ ni? Ẹ wo "Oshogbo" àti "Ogbomosho", tí a kọ bí àwọn Òyìnbó ṣe kọ ọ́ láyé àtijọ́. Ẹ̀rọ Yorùbá á fẹ́ pe "s" lọ́tọ̀, á fẹ́ pe "h" lọ́tọ̀. Ẹ kọ Òṣogbo, ẹ kọ Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí orúkọ bá rú yín lójú, YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àmì ohùn orúkọ púpọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ló mọ̀ ọ́n jù. Bó bá ṣeé bi, ẹ bi í.

Ṣé ó wá pọn dandan ká ba àpilẹ̀kọ jẹ́ torí ẹ̀rọ ni? Rárá. Ẹ̀dà méjì là ń ṣe: ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún etí. Ẹ̀dà ti ojú kò gbọ́dọ̀ yí padà, Leicester á wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Èdè àmì kan tilẹ̀ tún wà tí wọ́n ń pè ní SSML. Àjọ W3C ló fọwọ́ sí i ní ọdún 2004. Ó jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ̀rọ sọ bo èyí tó wà nínú ìwé, kí a sì sọ ibi tó yẹ kó ti sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé, bó ṣe rí nìyí:

```
<sub alias="Lẹ́sítà">Leicester</sub>
<sub alias="oókan, oókan, èjì">112</sub>
<break time="500ms"/>
```

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ń ní kí ohùn sinmi fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń gbọ́ èdè yìí o. Òmíràn á fò ó, òmíràn á ka àmì náà sókè bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ni. Bí tiyín kò bá gbọ́ ọ, ẹ kọ "Lẹ́sítà" sínú ẹ̀dà etí tààrà.

Ìkéde wa wá dà báyìí:

"Ìpàdé àwọn àgbẹ̀ yóò wáyé ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà yóò gbà. Dókítà Wíẹ̀n, láti ìlú Lẹ́sítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni yóò bá wa sọ̀rọ̀ lórí oògùn apakòkòrò tí àjọ Náfúdáàkì fọwọ́ sí. Àwọn márùndínláàádọ́ta tó bá kọ́kọ́ dé yóò san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe oókan, oókan, èjì. Mo tún un sọ: oókan, oókan, èjì."

Ẹ kíyè sí i pé àkámọ́ tó yí Leicester ká ti di gbólóhùn. Etí kì í gbọ́ àkámọ́. Ẹ sì kíyè sí i pé n kò sọ pé "ọdún yìí", bó tilẹ̀ kúrú jù. Ohùn tí a ká sílẹ̀ lè padà wá sórí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, "ọdún yìí" á sì ti di irọ́.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ ti parí? Ó ku àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí tó ń kọ́ nǹkan láti inú àpẹẹrẹ lè ka ọ̀pọ̀ nǹkan ní àkàyé, kó wá ṣi ẹyọ kan ṣe lójijì, kó sọ òṣùwọ̀n kan di òmíràn. Richard Sproat àti Navdeep Jaitly láti Google kọ̀wé nípa èyí ní ọdún 2016. Ohùn náà kì í wárìrì níbi tó ti ṣì í, bó ṣe dùn níbi tó tọ̀nà ló ṣe dùn níbi tí kò tọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ kọ́ ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọkàn rẹ̀ á ti máa tún un ṣe fún un. Ẹ wá ẹnì kan tí kò rí ìwé náà rí. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ gbogbo nọ́ńbà àti orúkọ tó gbọ́ sílẹ̀. Ẹ wá fi tirẹ̀ wé ti inú ìwé. Bí iye nọ́ńbà tó kọ bá dín sí ti ìwé, ẹ̀rọ ti fo nǹkan. Bí orúkọ bá rú u lójú, ẹ padà sídìí àkójọ yín.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìkéde ránṣẹ́ sí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí orúkọ yín. Ẹ kọ bí ẹ ṣe ń pè é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kọ ọjọ́ àti oṣù. Yálà èèyàn ló kà á o, tàbí ẹ̀rọ, a ó lè pè yín bí ẹ ṣe ń jẹ́.